Ọwọ́ Ọ̀tún Ni o: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Òòfà Yóò Ti Ṣáàjì Tó Ń Sáré Sí

Ọmọ kan wà tí mò ń kọ́ ní físíìsì nílé ní Ìbàdàn. Orí ọmọ náà pé, ṣùgbọ́n gbogbo ìdáhùn rẹ̀ lórí ipá òòfà ló máa ń yí sẹ́yìn. Bó bá yẹ kó kọ òkè, ilẹ̀ ni yóò kọ. Bó bá yẹ kó kọ ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn ni. Mo ní kó ṣe ìbéèrè kan níṣojú mi. Ó mú bírò, ó ka ìbéèrè náà, ó wá gbé ọwọ́ sókè láti wọn ìhà. Ọwọ́ òsì ni. Ọ̀tún ló fi di bírò mú, ọwọ́ tó ṣófo ló sì ń lò láìmọ̀.

Mo ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ha, Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tiẹ̀ wò ó."

Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé bírò sílẹ̀. Mi ò fi ṣàwàdà o. Ẹni tó ń fi ọ̀tún kọ̀wé ló sábà máa ń kó sínú ọ̀fìn yìí. Àwọn ọlọ́wọ́ òsì kì í ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ọ̀tún wọn ló máa ń ṣófo.

Ohun tí à ń wá

Bí ohun tó ní ṣáàjì bá ń sáré kọjá níbi tí òòfà ti ń ṣiṣẹ́, òòfà náà yóò tì í. Ohun tó yani lẹ́nu ni ibi tó ń tì í sí. Kì í fà á mọ́ra bí òòfà ṣe ń fa ìṣó, kì í sì í tì í síwájú tàbí dá a dúró. Ẹ̀gbẹ́ ló ń tì í sí. Ipá náà máa ń dábùú ibi tí ohun náà ń lọ, ó sì tún máa ń dábùú ibi tí òòfà náà kọjú sí, lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó dábùú nǹkan méjì pọ̀ báyìí kò ṣeé yà sórí ìwé pẹlẹbẹ; ó ń fẹ́ ìhà kẹta. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ọwọ́, torí ọwọ́ ní gígùn, ìbú àti òró.

Fọ́múlà rẹ̀ nìyí, èyí tí wọ́n fi orúkọ Hendrik Lorentz, ará Netherlands, pè:

```
F = q v × B
|F| = |q| v B sin θ
```

q ni ṣáàjì, v ni eré tó ń sá pẹ̀lú ibi tó ń sá lọ, B ni òòfà pẹ̀lú ibi tó kọjú sí, θ sì ni igun tó wà láàárín v àti B. Ìlà kejì ń sọ bí ipá náà ṣe pọ̀ tó. Ìlà kìíní ló ń sọ ibi tó kọjú sí, àmì × tó wà láàárín rẹ̀ gan-an ló sì ń bá ọwọ́ wa sọ̀rọ̀. Ẹ má kà á sí ìsọdipúpọ̀ ọjà. Nínú ti ọjà, 3 × 5 àti 5 × 3 ò yàtọ̀. Níbí, bí ẹ bá fi B ṣáájú v, ìdáhùn yóò yí sẹ́yìn pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ yàrá yín di ìlà mẹ́ta

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń ya ìlà x, y àti z sórí ìwé, èyí tó yẹ kó jáde síta á wá dà bí ìlà tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú a wá máa tanni. Ohun tí èmi ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ni pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọjú sí àríwá. Ìlà-oòrùn yóò wà lápá ọ̀tún yín. Ẹ pè é ní i. Àríwá wà níwájú yín. Ẹ pè é ní j. Òkè àjà wà lókè orí yín. Ẹ pè é ní k. Ó tán. Kò sí yíyà kankan. Bí wọ́n bá ní "ìhà −k", ilẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní "−i", ẹ̀gbẹ́ òsì yín ni, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí.

Bí ìbéèrè bá wà lórí ìwé, tó sì ní àmì tótó tàbí àmì àgbélébùú kéékèèké nínú òbìrí, ẹ rántí ọfà ọdẹ. Bí ọfà bá ń bọ̀ wá bá yín lójú, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan lẹ ó rí: tótó nìyẹn, ó ń jáde nínú ìwé. Bí ó bá ti kọjá yín tó ń lọ, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó máa wò: àgbélébùú nìyẹn, ó ń wọ inú ìwé lọ. Ẹni tó bá ṣi èyí lò ti ṣìnà kó tó gbé ọwọ́ rárá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọwọ́

Ẹ na ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún yín pọ̀ sí ibi tí ohun náà ń sáré lọ. Ìyẹn v. Ẹ wá yí ọrùn ọwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ yóò fi kọjú sí ibi tí B ń lọ, débi pé bí ẹ bá ká ìka yín kò bí ẹní fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́, ọ̀dọ̀ B ni àwọn ìka náà ń tẹ̀ sí. Àtàǹpàkò tó nà gbọnrangandan ni F.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀. Ẹ kọjú sí àríwá. Ká ní ohun kan ń sáré lọ sí ìlà-oòrùn, òòfà sì kọjú sí àríwá. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí àtẹ́lẹwọ́ wo iwájú, bí ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró lórí títì ṣe ń na apá. Ẹ ká ìka síwájú. Àtàǹpàkò ń wo àjà. Nítorí náà i × j = k.

Ẹ yí i padà: kí ohun náà máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni o. Ẹ mú un kọjá níwájú àyà kí ìka máa wo òsì, kí àtẹ́lẹwọ́ sì wo iwájú. Yóò ni yín lára díẹ̀, apá yóò fẹ́ rọ́. Àtàǹpàkò ti dorí kodò, ilẹ̀ ló ń wò. Ìnira yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn pààrọ̀ sí ọwọ́ òsì, torí pé ti òsì rọrùn níbẹ̀. Bó bá nira, ẹ yí gbogbo ara yín tàbí kí ẹ dìde dúró, ṣùgbọ́n ẹ má pààrọ̀ ọwọ́.

Ohun kan ṣì kù nínú kíká ìka. Ojú ọ̀nà tó kúrú ni kí ẹ gbà, ìyẹn èyí tí kò tó ìwọ̀n 180. Bí ìka yín bá ní láti tẹ̀ sẹ́yìn kó tó dé ọ̀dọ̀ B, ọwọ́ ti dojú rú. Ẹ yí i.

Bí v àti B bá wà lójú ìlà kan náà ńkọ́, yálà wọ́n jọ ń lọ ni tàbí wọ́n ń kọjú síra? Ìka kò ní ibi tó máa ká sí. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ti dá yín lóhùn: kò sí ipá. Sin 0 àti sin 180, òdo ni méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àmì ṣáàjì

Ohun tí àtàǹpàkò sọ, ti ṣáàjì tó ní àmì ìròpọ̀ ni, bíi pírótọ́ọ̀nù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní àmì àyọkúrò. Fún un, ẹ kọ́kọ́ parí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ bí ẹni pé pírótọ́ọ̀nù ni, ẹ wá yí ìdáhùn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìparí. Àwọn kan máa ń yí v kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀; kò burú, ìdáhùn kan náà ni yóò bọ́ sí. Àwọn mìíràn máa ń lo ọwọ́ òsì fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìyẹn náà tọ̀nà. Ohun tó ń bàjẹ́ ni pé kí ẹ ṣe méjì pọ̀: ẹ ti lo òsì, ẹ tún wá yí ìdáhùn. Nígbà náà, ìyípadà méjì ti pa ara wọn rẹ́. Ẹ mú ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé pé "pírótọ́ọ̀nù: òkè, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: ilẹ̀". Ìlà méjì yẹn kò gba àkókò, òun ló sì ń fi hàn yín lẹ́yìn náà pé ẹ ti yí i tàbí ẹ ò tíì yí i.

Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá, ní Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ ká lò ó fún nǹkan gidi. Gbogbo ayé ni òòfà kan tó tóbi. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bíi ní Yúróòpù, òòfà ilẹ̀ ayé máa ń rì wọ ilẹ̀ gan-an. Ọ̀dọ̀ tiwa yàtọ̀: ìlà ibi tí òòfà ayé ti sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ gba apá òkè Nàìjíríà kọjá. Nítorí náà ní Ìbàdàn, òòfà ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn pátápátá, ó sì kọjú sí àríwá. Agbára rẹ̀ tó bíi máíkírò-tẹ́sílà 32. Ìyẹn ni pé ìlà j tí a pè ní àríwá lẹ́ẹ̀kan, òun gan-an ni B wa. Ẹni tó bá ń kọ́ òfin yìí nílùú wa jókòó sínú àpẹẹrẹ rẹ̀ ni.

Ẹ rántí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ìkòkò. Nínú rẹ̀, láti ẹ̀yìn, ìbọn kan ń ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lu ojú gíláàsì. Ká ní fóltéèjì tó ń ta á jẹ́ 20,000. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà yóò máa sá eré bíi 8 × 10⁷ mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó ju ìdá mẹ́rin eré ìmọ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Ká gbé tẹlifíṣọ̀n náà kalẹ̀ kí ojú rẹ̀ wo ìlà-oòrùn. Ibo ni òòfà ilẹ̀ Ìbàdàn yóò ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí?

Ìhà ni kí a kọ́kọ́ wá. v jẹ́ i, B jẹ́ j. A ti fi ọwọ́ ṣe é tán: òkè fún pírótọ́ọ̀nù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni tiwa, nítorí náà ilẹ̀ ni.

Iye rẹ̀ ńkọ́? v àti B dábùú ara wọn, sin 90 jẹ́ 1:

```
F = 1.6×10⁻¹⁹ × 8×10⁷ × 32×10⁻⁶
F = 4.1×10⁻¹⁶ N
```

Ó kéré, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ìwúwo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, tí í ṣe 8.9 × 10⁻³⁰ N. Ipá òòfà yìí ju ìwúwo náà lọ ní ìlọ́po tó ju tírílíọ̀nù 40. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í ka ìwúwo mọ́ irú ìṣirò yìí.

Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni ipá náà ń tì í sí nígbà gbogbo, eré rẹ̀ kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ṣe ń yí po. Bí òbìrí náà ṣe fẹ̀ tó láti àárín sí etí:

```
r = m v / (|q| B)
r = (9.1×10⁻³¹ × 8×10⁷) / (1.6×10⁻¹⁹ × 32×10⁻⁶)
r ≈ 14 m
```

Mítà 14 ju yàrá lọ, tẹlifíṣọ̀n kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ní rìn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ kó tó lu gíláàsì. Láàárín ìwọ̀n yẹn, ó máa ti sọ̀ kalẹ̀ ní d²/2r, ìyẹn 0.3 × 0.3 tí a fi 28 pín, bíi mìlímítà 3. Ìwọ̀n ìbú ọ̀pá ìṣáná kan nìyẹn, ó sì tó láti rí.

Ẹ wá yí tẹlifíṣọ̀n náà kí ojú rẹ̀ wo ìwọ̀-oòrùn. Ọwọ́ á rọ́ níwájú àyà, àtàǹpàkò á wolẹ̀; ẹ yí i fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, òkè ni. Àwòrán náà yóò gbéra sókè ní mìlímítà 3. Bí ojú rẹ̀ bá wá wo àríwá tàbí gúúsù, v wà lójú ìlà kan náà pẹ̀lú B, kò sí ohun tó máa tì í sókè tàbí sílẹ̀. Yíyí tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń pààrọ̀ gbogbo èyí, torí òòfà ayé kò kúrò níbi tó wà.

Ẹni tó bá ṣì ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀ láti wo ìbọn náà. Fóltéèjì inú rẹ̀ lè pa èèyàn, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Ẹ má sì gbé òòfà kankan sún mọ́ ojú èyí tó ń fi àwọ̀ hàn; irin oníhò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì yóò gba òòfà náà sára, àwọ̀ àwòrán á sì dàrú.

Nígbà tí nǹkan kò bá tọ́ sí ìlà kan

Mo sọ pé òòfà Ìbàdàn "fẹ́rẹ̀ẹ́" sùn. Kò sùn tán. A wà ní ìsàlẹ̀ ìlà pẹrẹsẹ yẹn, nítorí náà ó gbé ojú sókè díẹ̀ bó ṣe ń lọ sí àríwá. Ẹ jẹ́ ká mú un pé ó ní 32 lápá àríwá àti 5 lápá òkè. Ọwọ́ yóò fẹ́ gbójú fo 5 yẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò lè béèrè rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn lẹ́tà i, j, k ti wúlò ju ọwọ́ lọ.

Ẹ kọ i, j, k yí òbìrí kan po bí ọmọdé tó ń ṣeré nínú agbo: i lọ bá j, j lọ bá k, k padà lọ bá i. Méjì tó bá tẹ̀ léra wọn ní ọ̀nà agbo yẹn, ẹ̀kẹta ni wọ́n ń bí, pẹ̀lú àmì ìròpọ̀. Bí wọ́n bá ń rìn sẹ́yìn nínú agbo, ẹ̀kẹta náà ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àmì àyọkúrò. Lẹ́tà pẹ̀lú ara rẹ̀, òdo. Kò sí ohun mìíràn láti há sórí.

Tẹlifíṣọ̀n wa tún ti wo ìlà-oòrùn:

```
v = 8×10⁷ i
B = (32 j + 5 k) × 10⁻⁶
i × j = k        i × k = −j
v × B = 80 (32 k − 5 j) = 2560 k − 400 j
F = −1.6×10⁻¹⁹ (2560 k − 400 j)
F = (0.64 j − 4.1 k) × 10⁻¹⁶ N
```

Ẹ kà á bí ọ̀rọ̀: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà lọ sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì tún yẹ̀ díẹ̀ sí àríwá. Fún ẹni tó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n náà tó ń wò ó, ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ni àríwá. Nítorí náà lójú tirẹ̀, àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì yẹ̀ sápá ọ̀tún ní ìwọ̀n tí kò tó mìlímítà kan.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí àyẹ̀wò kan wà níbẹ̀ tó ń gbà wá sílẹ̀. A ti sọ pé F gbọ́dọ̀ dábùú v, kó sì dábùú B. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ro wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ òdo, wọ́n dábùú ara wọn. F pẹ̀lú v: v ní i nìkan, F kò ní i rárá, òdo ni. F pẹ̀lú B: 0.64 × 32 jẹ́ 20.5; −4.1 × 5 jẹ́ −20.5. Ó di òdo. Bí kò bá jẹ́ òdo, ẹ ti ṣe àṣìṣe níbì kan, ẹ padà lọ wá a. Àyẹ̀wò yìí kì í rí àmì tó yí sẹ́yìn pátápátá o. F àti −F ni wọ́n jọ ń dábùú. Ọwọ́ nìkan ló lè ṣọ́ ìyẹn, nítorí náà ẹ máa ṣe méjèèjì.

Bí ìdáhùn kò bá bá ti ẹ̀yìn ìwé mu

Irú àṣìṣe náà ló ń sọ ibi tó ti wá. Bí ìdáhùn yín bá wà lójú ìlà tó tọ́ ṣùgbọ́n tó kọjú sẹ́yìn, nǹkan mẹ́rin ló sábà máa ń fà á: ọwọ́ òsì, àmì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ẹ gbàgbé, B tí ẹ fi ṣáájú v, tàbí tótó tí ẹ kà sí àgbélébùú. Bí ó bá wà lójú ìlà mìíràn pátápátá, bóyá ẹ kọ àríwá níbi tó yẹ kó jẹ́ òkè, ọwọ́ kọ́ ló jẹ̀bi. Àwòrán lẹ ṣì kà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ojú ìlà mìíràn lẹ fi v tàbí B sí.

Ọ̀kan tún wà tí ó ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọwọ́ òsì Fleming ni a fi kọ́ wọn: àtàǹpàkò fún ipá, ìka ìjúwe fún òòfà, ìka àárín fún iná tó ń ṣàn. Wọ́n dé yunifásítì, olùkọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n wá gbé ètò ìka Fleming sórí ọwọ́ ọ̀tún. Ó bàjẹ́ nìyẹn. Òfin méjèèjì kò jà. Ẹ dán an wò. Ní ọwọ́ òsì, kí ìka ìjúwe wo àríwá, kí ìka àárín wo ìlà-oòrùn, àtàǹpàkò yóò wo òkè, bákan náà pẹ̀lú ti ọ̀tún tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tí ìka kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú òfin kan kò gbọ́dọ̀ wọ òmíràn. Ẹ tún rántí pé iná tó ń ṣàn ni Fleming ń sọ, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń sáré lòdì sí ibi tí a ní iná ń ṣàn sí. Èmi fẹ́ràn ti ọ̀tún nítorí pé kò béèrè kí v àti B dábùú ara wọn. Ti Fleming nílò kí ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ìwọ̀n 90 síra wọn, bí igun bá sì jẹ́ 40, ìka a máa wá ibi tó máa fara sí.

Kíka ọwọ́ sẹ́yìn: ohun tó ń bọ̀ láti ojú sánmà

Títí di ìsinsìnyí, a mọ ṣáàjì, a sì ń wá ìhà. Ẹ lè ṣe é lódì: ẹ rí ìhà, kí ẹ sì fi mọ ṣáàjì.

Àwọn ìtànṣán kan wà tó ń já bọ̀ láti òfúrufú lọ́sàn-án àti lóru, láti ibi jíjìn réré. Ní nǹkan bí ọdún 1930, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá àmì ìròpọ̀ ni wọ́n ní, tàbí ti àyọkúrò, tàbí wọn kò ní ṣáàjì rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì kan, Bruno Rossi, sọ pé òòfà ayé yóò fi wọ́n hàn bí èèyàn bá ka iye tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn àti iye tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ dìde dúró, ẹ kọjú sí àríwá. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìka ń wolẹ̀, torí ilẹ̀ ni ohun náà ń já bọ̀ sí. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ síwájú kí ìka lè ká sí àríwá. Àtàǹpàkò na síta, sí ọ̀tún yín, sí ìlà-oòrùn. Bí wọ́n bá ní àmì ìròpọ̀, ọ̀nà wọn yóò máa tẹ̀ sí ìlà-oòrùn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ohun tó ń yẹ̀ sí ìlà-oòrùn nígbà tó ń já bọ̀, apá ìwọ̀-oòrùn ni yóò dà bí ẹni pé ó ti wá, bí òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbá láti ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, ẹni tó bá kọjú ẹ̀rọ kíkà rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn ni yóò ka púpọ̀ jù. Bí wọ́n bá ní àmì àyọkúrò, ìlà-oòrùn ni yóò pọ̀. Bí wọn kò bá ní ṣáàjì, ọgbọọgba.

Ní 1933, Luis Alvarez àti Arthur Compton gbé ẹ̀rọ lọ sí ìlú Mẹ́síkò. Thomas Johnson náà wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Rossi fúnra rẹ̀ gbé tirẹ̀ lọ sí Asmara ní Ẹritíríà, lórí òkè, níbi tí òòfà ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn bíi tiwa. Èyí tó wá láti ìwọ̀-oòrùn ló pọ̀ jù níbi méjèèjì. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé àmì ìròpọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń já bọ̀ láti òfúrufú. Lẹ́yìn náà ni ó wá hàn pé pírótọ́ọ̀nù ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Bí ọwọ́ yín bá ṣì rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dán èyí wò kí ẹ tó jókòó: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń gòkè lọ tààrà láti ilẹ̀ Ìbàdàn. Ẹ gbé ìka sókè, àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Àtàǹpàkò wo òsì, ìwọ̀-oòrùn, fún pírótọ́ọ̀nù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, nítorí náà ìlà-oòrùn ni. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gòkè àti pírótọ́ọ̀nù tó ń sọ̀ kalẹ̀, ibì kan náà ni òòfà ń tì wọ́n sí.